"Ẹ̀rí dà?": Lẹ́tà ìgbéga tí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ dá padà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni máníjà ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀. Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n gbé sítókípà mi kan ga sí ipò súpáfáísọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, 'Ẹ̀rí dà?' Mo so lẹ́tà náà àti fọ́ọ̀mù àpíréésà ọdún mẹ́ta mọ́ ìwé yìí. Ó gba 4 nínú 5 lọ́dún 2022, ó gba 2 lọ́dún 2023, ó tún gba 4 lọ́dún 2024. Ọmọ dáadáa ni. Ṣé kí n yọ ti 2023 kúrò níbẹ̀ ni, àbí kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo mú pẹ́ńsùlù, mo fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ fi yin ọmọkùnrin náà: olóòótọ́, òṣìṣẹ́ kára, onírẹ̀lẹ̀, ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fágbà, ẹni tó ṣeé fọkàn tán, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́kànlá ni mo kà. Mo wá ń wá ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe, tí ẹ sọ oṣù tí ó ṣe é àti ibi tó ti ṣe é. N ò rí. Ohun tí bírò pupa yẹn ń béèrè nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n pè yín ní onírọ́, wọn ò kàn rí nǹkan tí wọ́n lè gbé síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní Màrínà kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ lẹ́tà báyìí ló sì gba ọwọ́ mi kọjá. Tí a bá yọ orúkọ kúrò lórí wọn, ẹni tó kọ wọ́n pàápàá ò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ máníjà ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé àpíréésà àti lẹ́tà ìgbéga ń dáhùn ìbéèrè kan náà. Ìbéèrè méjì ni. Àpíréésà ń sọ bí ẹni náà ṣe ṣe iṣẹ́ tí a gbé fún un lọ́dún tó kọjá. Lẹ́tà yín gbọ́dọ̀ sọ bóyá yóò lè ṣe iṣẹ́ tí a kò tíì gbé fún un. Iṣẹ́ sítókípà ni pé kí páálí tó wọlé, èyí tó jáde, àti èyí tó kù nílẹ̀ bá ìwé mu. Iṣẹ́ súpáfáísọ̀ ni pé kí àwọn tó ń ṣe ìyẹn wá sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n mọ ẹni tó wà ní ṣíífìtì òru, kí ìjà má bẹ́ láàárín awakọ̀ tírélà àti àwọn alágbàrù, kí ẹnì kan sì lè fọwọ́ sí wéébíìlì láìjẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ ẹrù tò lè má mọ ènìyàn tò. Mo ti rí akọ̀wé ìṣirò tó gba 5 lọ́dún mẹ́rin léraléra, tí a gbé e ga, tí àwọn mẹ́fà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì kọ̀wé pé kí wọ́n gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka mìíràn kí ọdún tó yí po. Nítorí náà, 4 tí ọmọ yín gbà gẹ́gẹ́ bí sítókípà kàn jẹ́ kí ó wọnú àgbàlá ni. Òun nìkan ò lè ṣílẹ̀kùn yàrá fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá wo fọ́ọ̀mù rẹ̀, nítorí wúrà wà nínú rẹ̀ tí ẹ gbàgbé síbẹ̀. Ní ojú ewé kẹta fọ́ọ̀mù 2024, lábẹ́ àyè tí wọ́n kọ "Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn" sí, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé, "Ó ran wá lọ́wọ́ nígbà tí súpáfáísọ̀ lọ bímọ." Gbólóhùn kan péré, kò sì sí nínú lẹ́tà rárá. Mo pè yín lórí fóònù nítorí rẹ̀, ẹ sì sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó bímọ ni súpáfáísọ̀ náà lò nílé, pé ọmọkùnrin yìí ló ń kọ rọ́sítà ṣíífìtì ní gbogbo ìgbà yẹn, òun ló ń fọwọ́ sí wéébíìlì tí ẹ kò bá sí nílé, òun ló sì darí kíka ọjà ìparí oṣù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tún sọ pé ó di ọjọ́ kan tí awakọ̀ kan ní páálí mẹ́rin dín nínú ẹrù òun, àwọn alágbàrù ní irọ́ ni, ariwo sì ti ń ga ní ẹnu géètì. Ó ní kí wọ́n tún gbogbo ẹrù náà kà lójú àwọn méjèèjì, wọ́n bá páálí mẹ́rin náà lẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ tapólì, ó sì ní kí awakọ̀ àti olórí alágbàrù jọ fọwọ́ sí ìwé kan náà kí tírélà tó gbéra. Ìyá wa, iṣẹ́ súpáfáísọ̀ gan-an nìyẹn! Ó ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 12, ẹ sì pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ kó ìwé tó gbè é lẹ́yìn jọ: ẹ̀dà rọ́sítà tí ó kọ, wéébíìlì méjì tàbí mẹ́ta tí orúkọ rẹ̀ wà lórí wọn, ìwé kíka ọjà oṣù mẹ́ta náà, àti ìwé tí àwọn méjì yẹn jọ fọwọ́ sí. Kò yẹ kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́tà bí ẹni ń di ẹrù lọ sí ọjà. Ẹ kàn sọ nínú lẹ́tà pé wọ́n wà nílẹ̀, kí ẹ sọ fáìlì tí wọ́n wà. Ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò yóò mọ ibi tí yóò gbà.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Ẹ ní nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ pé ọmọ yìí "dín àdánù ọjà kù gan-an." Mo bi yín pé báwo ni. Ẹ ní lópin 2022, nínú páálí 1,000 tó wà nínú ìwé, bíi 18 ni kì í bá ohun tí a kà nílẹ̀ mu, pé lópin 2024, ó ti di 5. Nọ́ńbà tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì lè gbé gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé oṣù Kẹta 2024 ni ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara páálí. Tí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ẹ gbé ẹ̀rọ náà ga nígbà náà." Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ wo sítóò kejì tó wà lódì kejì ọgbà yín, tó ń lo irú ẹ̀rọ kan náà, tó ń gba irú ọjà kan náà. Ẹ ní tiwọn kúrò láti 17 sí 11. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà lè ti mú bíi mẹ́fà kúrò fún gbogbo ènìyàn, ohun tó kù lọ́dọ̀ ọmọ yín ni ẹ wá lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá sọ ohun tí ó ṣe tó yàtọ̀. Ẹ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń mú ìlà kan nínú sítóò, tí ó ń kà á láìdúró de ìparí oṣù. Nọ́ńbà pẹ̀lú ohun tó fà á, àti ẹni tí a fi wé, ìyẹn ni ìgbìmọ̀ lè gbà. Síbẹ̀, kí ẹ má ṣe búra lé e. Sítóò méjì kò pọ̀ tó láti fi sọ pé kò sí ohun mìíràn tó fa ìyàtọ̀ náà, ẹ kọ ọ́ pé "a gbà pé," kí ẹ má kọ "ó dájú pé."

Ìbéèrè kan wà tí mo bi yín lórí fóònù, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí. Mo ní, mélòó nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ló gba 4 lọ́dún 2024? Ẹ ní mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. N kò fi bú yín o. Ọ̀pọ̀ máníjà l'Ékòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí owó ìparí ọdún wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ìyàwó òṣìṣẹ́ máa ṣépè fún òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ń rí gbogbo fọ́ọ̀mù yín pọ̀ lórí tábìlì kan. Wọ́n mọ ọwọ́ tí ẹ fi ń fún máàkì, bí ìyá oníyán ṣe mọ ọwọ́ ọmọ tó ń gúnyán fún un. Tí mẹ́sàn-án bá gba 4, 4 kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Ẹ má gbára lé máàkì náà rárá nínú lẹ́tà tuntun yìí. Ẹ lo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ máàkì, kì í ṣe máàkì fúnra rẹ̀.

Ó wá ku 2023. Rárá o, ẹ má yọ ọ́. Fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ yín nìkan. Mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan lọ́jọ́ kan ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, tí ọ̀gá kan kọ lẹ́tà aládùn fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ojú ewé méjì gbáko. Alága ìgbìmọ̀ ṣí fáìlì ẹni náà láti wo ọjọ́ tó wọṣẹ́, kúérì kan sì já bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Kò sí nínú lẹ́tà. Kúérì náà ò tóbi, ọ̀rọ̀ fóònù ilé iṣẹ́ tó sọnù lásán ni, kò sí ẹni tí ìbá dá a dúró nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, gbogbo gbólóhùn tó kù nínú lẹ́tà náà ni a ń kà pẹ̀lú ojú ìfura. A dá a sí ọdún tó ń bọ̀. Mo ṣì máa ń rò ó pé gbólóhùn méjì péré ni ìbá gba ọmọ yẹn là.

Ti ọmọ yín náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Fọ́ọ̀mù 2023 sọ pé ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ló fa máàkì 2 náà, ó sì gba kúérì kan lóṣù Kẹjọ. Ẹ fi àwòrán rẹ́jísítà tí wọ́n ń fọwọ́ sí lówùúrọ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì kà á: ó pẹ́ ní ìgbà 23 lọ́dún náà, 17 nínú rẹ̀ sì bọ́ sáàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni tó gbé l'Ékòó nígbà náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo ti kọjá náírà 480, owó ọkọ̀ sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Ìkòròdú ni ọmọ náà ń gbé nígbà yẹn, ó ń gba Máìlì 12 àti Ọ̀ṣòdì wá sí Ìsọlọ̀. Ẹ lè sọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, torí pé àwọn mìíràn náà ń wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọn ò sì pẹ́. Ohun tó níye lórí ni ohun tí ó ṣe sí i: ó kó wá sí Èjìgbò lóṣù Kẹwàá, ó sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré ní gbogbo 2024. Ìdí kò gbà ju gbólóhùn kan lọ, àyípadà ni kí ẹ fún ní gbólóhùn méjì. Mo ti rí lẹ́tà tí ọ̀gá fi ojú ewé kan ṣàlàyé ìdí, ó dà bí ìgbà tí lọ́yà ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀daràn.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ lẹ́tà náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá sọ bí n bá ṣe kọ ọ́, ẹ̀yin yóò wá yí i padà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀bẹ̀ gan-an: "Mo ń dámọ̀ràn pé kí a gbé òṣìṣẹ́ yìí ga láti sítókípà sí súpáfáísọ̀ sítóò, láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, láti dí àyè tó ṣófo láti oṣù méjì." Kò sí "pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn," kò sí "mo fi àkókò yìí." Ẹ wá tẹ̀ síwájú: "Nígbà tí súpáfáísọ̀ wà ní ìsinmi ìbímọ lọ́dún 2024, òun ló ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó kọ rọ́sítà òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, ó sì darí kíka ọjà ìparí oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ṣíífìtì kan tí kò ní ènìyàn." Ìṣẹ̀lẹ̀ ẹnu géètì tẹ̀ lé e, ní gbólóhùn mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ọjà pẹ̀lú ti sítóò kejì, lẹ́yìn ìyẹn ni 2023. Ó wá ku apá kan tí mo rí i pé ẹ ò ní fẹ́ kọ: "Kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní kúérì rí, kò sì tíì kọ ètò ìnáwó sítóò rí. Mo dámọ̀ràn pé kí ó jókòó tì mí fún ètò ìnáwó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́." Ẹ kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò ní ibi tó kù sí, ọ̀gá tó mọ ibẹ̀ tó sì sọ ohun tí yóò ṣe sí i, òun ni wọ́n máa ń gbà gbọ́. Kí ẹ tún fi gbólóhùn kan sọ ẹni tí yóò gba ipò sítókípà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e nìyẹn. Ojú ewé kan àti ààbọ̀ ti tó.

Àwọn nǹkan kan wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ yọ kúrò pátápátá. Ẹ kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. A bá wọn yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bùkátà kì í ṣe ẹ̀rí, ẹni tí kò bí ìbejì náà sì lè máa du ipò kan náà. Ẹ tún kọ ọ́ pé tí a kò bá gbé e ga, ó lè jápa. Gbogbo ọmọ Èkó ló lè jápa. Tí ó bá ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ lọ sọ ọ́ lẹ́nu fún olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìhàlẹ̀. Mo sì ṣàkíyèsí pé orúkọ ìdílé yín àti tirẹ̀ jọ ara wọn. Tí ó bá jẹ́ ẹbí yín, tàbí ọmọ ìlú kan náà tí ẹ̀yin lẹ mú un wọṣẹ́, ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà, kí ẹ sì ní kí ọ̀gá mìíràn tó ti bá a ṣiṣẹ́ kọ tirẹ̀ náà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dárí jì mí.

Ọmọkùnrin náà ti mọ̀ pé ẹ kọ̀wé, bí ẹ ṣe sọ. Ó ṣe mí láàánú díẹ̀, torí pé ó ti ń ka oṣù. Ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé lẹ́tà náà padà wá nítorí bí ẹ ṣe kọ ọ́, kì í ṣe nítorí rẹ̀, kí ẹ má sì ṣèlérí ọjọ́ kankan. Àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ẹ ní ó sọ pé ọdún mẹ́ta rẹ̀ ti pé, kò purọ́ ní ti ọ̀dọ̀ wọn: ọdún 3 ni ìlànà iṣẹ́ ìjọba là sílẹ̀ kí ènìyàn tó kúrò ní ìpele kan sí òmíràn láti 07 sí 14, ó di ọdún 4 láti 15 lọ. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni ni tiyín, ìwé òfin òṣìṣẹ́ tiyín sì ni ẹ máa wò.

Ohun kan wà tí lẹ́tà tó dára jù lọ kò lè ṣe, kò lè dá àyè sílẹ̀ níbi tí kò sí. Ẹ ní súpáfáísọ̀ kan ti lọ láti oṣù méjì, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì béèrè bóyá ilé iṣẹ́ fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn, kí ẹ tó tún fi ìwé kankan ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ní àyè wà, ẹ fi lẹ́tà tuntun náà ránṣẹ́ báyìí, ẹ má dúró de àpíréésà ìparí ọdún, nítorí ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ 12 yẹn ṣì tutù lọ́kàn àwọn tó rí i. Tí wọ́n bá ń ṣiyèméjì, ẹ béèrè pé kí wọ́n fi í ṣe adelé súpáfáísọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí èmi ì bá fara mọ́ jù nìyí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí 2023 ṣì sún mọ́ wa, oṣù mẹ́fà adelé yóò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àmọ́ kí ó wà nínú ìwé: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye owó tí wọ́n fi kún un, àti ẹni tí yóò jókòó ní ìparí rẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tó ṣe adelé fún ọdún mẹ́rin ní Àpápá láìsí ìwé kankan. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fi ènìyàn sí ipò náà pátápátá, ìta ni wọ́n ti mú un wá, òun ni wọ́n sì ní kó fi iṣẹ́ hàn án.